Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Abẹ: Yíyọ Apẹ́ńdíìsì

Aláìsàn: ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ọ̀ffà. Nọ́ńbà fáìlì 02814. Kílò 58. Kò sí oògùn tí ara rẹ̀ ń kọ̀.
Ọjọ́: Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kìíní, 2025. A fi abẹ kàn án ní agogo 9:40 alẹ́, a parí ní 10:35. Iṣẹ́ pàjáwìrì ni.
Àìsàn kí a tó ṣiṣẹ́: apẹ́ńdíìsì tó wú. Lẹ́yìn iṣẹ́: apẹ́ńdíìsì tó wú, tí ṣóńṣó rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n tí kò tíì bẹ́.
Àwọn tó ṣiṣẹ́: èmi ni mo mú abẹ, dókítà kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ràn mí lọ́wọ́.

Bó ṣe dé: inú ti ń run ún fún ọjọ́ mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ ní ìdodo kó tó bọ́ sí ìsàlẹ̀ ikùn ọ̀tún. Ó ń bì, ibà rẹ̀ jẹ́ 38.4. Jẹ̀dí ni wọ́n pè é nílé, àgbo ni wọ́n sì fún un títí di àná. Òun fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lùwé lójú ìyá rẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti ṣàlàyé.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ló gbà, bupifakéènì 0.5% mílílítà 3. Ara kú dé ìsàlẹ̀ ọmú. Sẹfitiráásónì gíráàmù 1 àti Fílájììlì mílígíráàmù 500 ti wọlé kí a tó gé awọ.

Ohun tí a bá: apẹ́ńdíìsì náà sá sẹ́yìn orí ìfun ńlá, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 11. Ó wú, ó pọ́n, ṣóńṣó rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ti dúdú. Ìgbẹ́ líle kan há sínú rẹ̀ láàárín. Ìdí rẹ̀ níbi tó ti so mọ́ ìfun dára, òun ló sì jẹ́ kí n lè so ó láìfòyà. Omi ríru bíi mílílítà 30 wà ní kòtò ìbàdí ọ̀tún, kò ní òórùn. Mo tú ìfun kékeré wò dé bíi sẹ̀ǹtímítà 60 láti ìparí rẹ̀: kò sí àpò kankan lára rẹ̀, kò sì sí kókó.

Ohun tí a ṣe: ó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, a fi ayọ́díìnì nu ikùn, a sì tẹ́ aṣọ. Mo gé awọ ní ìbú, ní ibi ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀nà láti ìdodo sí egungun ìbàdí ọ̀tún. Mo la awọ líle ìta bí okùn ara rẹ̀ ṣe lọ, mo ya àwọn iṣan láìgé wọn, mo gbé awọ inú ikùn sókè láàárín ẹ̀mú méjì, mo sì ṣí i. Omi yẹn la kọ́kọ́ fà jáde. Mo tọ àwọn ọ̀já ara ìfun ńlá títí wọ́n fi pàdé ní ìdí apẹ́ńdíìsì. Nítorí ẹ̀yìn ló sá sí, ìdí ni mo kọ́kọ́ mú: mo so ó lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú fáíkírìlì 2-0, mo gé e, mo wá tọ ọ́ dé ṣóńṣó, mo ń so iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. N kò rì kùkùté náà mọ́ ara ìfun. Ìdí tó dára báyìí kò nílò rẹ̀. Iná lọ fún bí ìṣẹ́jú méjì níbẹ̀. A fi gọ́ọ̀sì tẹ ibẹ̀ títí jẹnẹrétọ̀ fi gbé e, mo sì tún yẹ gbogbo ìso wò: ẹ̀jẹ̀ kankan kò jáde. A nu inú ikùn, a kò da omi sí i, a kò fi rọ́bà sílẹ̀. Kíka gọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ àti irinṣẹ́ pé lẹ́ẹ̀mejì. Awọ inú: fáíkírìlì 2-0, awọ líle ìta: fáíkírìlì 1, awọ ara: náílọ́ọ̀nù 3-0, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ tó dà tó mílílítà 50. Apẹ́ńdíìsì wà nínú fọ́málínì, ó ń lọ sí pátọ́lọ́jì ní Ìlọrin lọ́la.

Àṣẹ fún wọ́ọ̀dù: ẹ wo ìfúnpá, ìlù ọkàn àti mímí ní ìṣẹ́jú 15-15 fún wákàtí méjì, lẹ́yìn náà wákàtí kọ̀ọ̀kan títí di àárọ̀. Omi iyọ̀ onísúgà lítà 1 ní wákàtí 8-8. Sẹfitiráásónì gíráàmù 1 ní wákàtí 12-12, Fílájììlì mílígíráàmù 500 ní wákàtí 8-8; èmi ni n ó sọ ìgbà tí yóò di oníhóró, ẹ má ṣe dá a dúró. Parasitamọ́ọ̀lù gíráàmù 1 láti inú iṣan ní wákàtí 6-6. Bí ìrora bá ṣì wà, pẹntasosíìnì mílígíráàmù 30 sínú ẹran, kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní wákàtí 6.

Omi kékeré lẹ́nu láti agogo 5 àárọ̀ bí kò bá bì. Ìyá rẹ̀ ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé; ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé fún un pé ó di ìgbà tí mo bá yẹ ikùn rẹ̀ wò ní àárọ̀. Ó gbọ́dọ̀ tọ̀ kó tó di agogo 5. Bí kò bá tọ̀, ẹ pè mí kí ẹ tó fi rọ́bà. Ẹ mú un dìde rìn lọ́la.

Ẹ pè mí lójú ẹsẹ̀ bí ìlù ọkàn bá kọjá 110, bí ìfúnpá òkè bá wálẹ̀ ju 90 lọ, bí ibà bá kọjá 38.5, bí ikùn bá ń wú, tàbí bí ọgbẹ́ bá ń da ẹ̀jẹ̀. Òwú kúrò ní ọjọ́ kẹjọ. Kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì fún èsì pátọ́lọ́jì.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ, 10:55 alẹ́