Ìwé Kíkà fún Olùsọ̀tàn: Àwọn Orí Ifẹ̀, Apá Kejì

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Apá kejì rèé. Níbi ìlà kan ( / ), ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ má tíì mí. Níbi ìlà méjì ( // ), ẹ mí dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí mo fi _ so pọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a. Dò-re-mí ni mo fi sí àwọn orúkọ tiwa. Ti òyìnbó, mo kọ ọ́ bí ẹnu wa ṣe máa gbé e. Ẹ má wulẹ̀ fimú sọ ọ́.

Ní ọdún 1910, / Leo_Frobenius, / onímọ̀ nípa àṣà, / wọ Ilé-Ifẹ̀. //

[Léò Fìròbéníọ̀sì. Ará Jámánì ni, nítorí náà kì í ṣe "Líò". Ilé-Ifẹ̀: re mí re dò.]

Orí_idẹ kan tí ó dé adé, / tí wọ́n ń bọ ní Igbó_Ọlọ́kun, / ni wọ́n fi hàn án. // Ó ní iṣẹ́ àwọn ará Àtìláńtíìsì ni, / ìlú tí wọ́n ní òkun gbé mì. //

[Igbó: re mí. Ọlọ́kun: re mí re. Ẹ má fi ẹ̀gàn kà á o. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe wà, kí ẹ sì dákẹ́; olùgbọ́ fúnra rẹ̀ ló máa rẹ́rìn-ín.]

Ní ọdún 1938, / àwọn tí ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́lé ní agbo_ilé_Wúnmọníjẹ / tún kan àwọn orí mìíràn. //

[1938: ẹgbẹ̀rún kan ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé méjìdínlógójì. Ó gùn, ẹ fa èémí kún inú kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bó bá ń já yín lẹ́nu, "ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà" tó.]

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? // Oníṣẹ́_idẹ á mọ ìda lé amọ̀ lórí, / á ya ojú, imú àti ìlà sára ìda náà, / á tún fi amọ̀ bò ó. // Iná á yọ́ ìda jáde, / idẹ gbígbóná á sì gba àyè rẹ̀. //

[Ìda: dò re, nígbà gbogbo. Idà (re dò) ti di ohun ogun, ìdá (dò mí) ti di ìpín. Ìlà: dò dò, ilá ọbẹ̀ kò sí níbí.]

Ìbòjú tí a mọ̀ sí ti Ọbàlùfọ̀n, / ọba Ifẹ̀ àtijọ́, / yàtọ̀: / ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà_nìkan. // Sínkì àti òjé ló máa ń mú kí bàbà ṣàn geere. / Láìsí wọn, / iṣẹ́ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. //

[Ọbàlùfọ̀n: re dò dò dò. Òjé: dò mí. Bàbà: dò dò, ẹ má jẹ́ kó gòkè lópin, àbí kí olùgbọ́ máa wá bàbá Ọbàlùfọ̀n kiri. A ó gba ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan kíá, ọ̀kan pẹ̀lẹ́, màá sì mú èyí tó bá àwòrán mu.]