Ìtumọ̀ Ìwé Ẹ̀rí Ikú Ezekiel Adewumi Soremekun fún Ìgbẹ́jọ́ Ogún

A túmọ̀ rẹ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá fún Kóòtù Ìbílẹ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ogún olóògbé. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín [ ] jẹ́ ti olùtumọ̀. Ìyókù jẹ́ ti ìwé náà. Bí wọ́n ṣe tẹ orúkọ èèyàn àti ti àdúgbò ni mo ṣe fi í sílẹ̀, láìsí àmì ohùn, kí kóòtù lè fi wé ìwé ilẹ̀ ní lẹ́tà-lẹ́tà.

ẸDÀ ÀKỌSÍLẸ̀ IKÚ TÍ A FỌWỌ́ SÍ
Lábẹ́ Òfin Ìforúkọsílẹ̀ Ìbí àti Ikú ti 1953

Agbègbè ìforúkọsílẹ̀: Southwark
Ìjọba ìbílẹ̀: Southwark, Lọ́ńdọ̀nù
Nọ́ńbà àkọsílẹ̀: 87

1. Ọjọ́ ikú àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀: 14 Oṣù Kẹta, 2019. 9 Tarnhollow Road, London SE15

2. Orúkọ àti orúkọ ìdílé: Ezekiel Adewunmi SOREMEKUN, tó tún ń jẹ́ Ezekiel ALABI
[“Adewunmi” ló wà ní àyè yìí. N kò tún un kọ, torí àtúnṣe rẹ̀ wà ní etí ìwé, ibẹ̀ náà ni mo sì túmọ̀ rẹ̀ sí.]

3. Ọkùnrin tàbí obìnrin: Ọkùnrin

4. Orúkọ ìdílé obìnrin kó tó lọ́kọ: [Ìlà ni wọ́n fà síbẹ̀.]

5. Ọjọ́ ìbí àti ibi tí a bí i sí: 2 Oṣù Kọkànlá, 1943. Abeokuta, Nigeria

6. Iṣẹ́ àti ibùgbé: Awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ó ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ Comfort Soremekun, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. 9 Tarnhollow Road, London SE15

7. Ẹni tó wá ròyìn ikú: Modupe SOREMEKUN
Ohun tó fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti ròyìn: ọmọbìnrin olóògbé, ó wà níbẹ̀ nígbà tí ikú ṣẹlẹ̀
Ibùgbé: 9 Tarnhollow Road, London SE15
[Ìwé yìí kò ní àyè fún orúkọ àwọn ọmọ olóògbé tàbí iye wọn. Modupe wà nínú rẹ̀ torí pé òun ló lọ ròyìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyàwó tí a dárúkọ ní àyè 6: ohun tí olùròyìn sọ ni akọ̀wé kọ.]

8. Okùnfà ikú:
I (a) Ẹ̀jẹ̀ dídà sínú ọpọlọ
I (b) Ẹ̀jẹ̀ ríru
II Àtọ̀gbẹ irú kejì. Àìsàn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́
Ẹni tó jẹ́rìí sí i: Dókítà R. Whitlow, MB BS

[Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni à ń ka Apá I: ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ẹ̀jẹ̀ dídà sínú ọpọlọ, èyí sì ló pa á gan-an. Àìsàn tó wà ní Apá II dá kún ikú náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló bí ohun tó wà ní Apá I. Nínú ìwé ẹ̀sùn tí ẹbí kọ, “rọpárọsẹ̀” ni wọ́n pe àìsàn tó pa bàbá wọn. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀, àmọ́ dókítà kò kọ ọ́, n kò sì lè fi sí i lẹ́nu. Kò sí ọ̀rọ̀ ìwádìí ilé-ẹjọ́ tàbí ti yíyẹ òkú wò níbikíbi nínú ìwé náà.]

9. Ọ̀rọ̀ olùròyìn: Mo jẹ́rìí pé òtítọ́ ni ohun tí mo sọ lókè yìí, níwọ̀n bí mo ti mọ̀ àti bí mo ti gbà gbọ́. [Ìbuwọ́lùwé: M. Soremekun]

10. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀: 18 Oṣù Kẹta, 2019

11. Akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀: [Ó buwọ́ lù ú, orúkọ rẹ̀ kò ṣeé kà.]

Ọ̀rọ̀ etí ìwé, lọ́wọ́ òsì: Ní àyè 2, níbi tí a ti kọ “Adewunmi”, kí a kà á sí “Adewumi”. Akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ ṣe àtúnṣe yìí ní 6 Oṣù Kẹfà, 2019, lórí ìwé ìbúra tí Modupe Soremekun àti Gabriel Soremekun mú wá.
[Òfin 1953 kò gbà kí a pa àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ́, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe àti àtúnṣe fi jọ wà nínú ìwé kan náà. Àtúnṣe yìí kò kan orúkọ “Ezekiel ALABI”. Ó ṣì wà bó ṣe wà, òun náà sì ni orúkọ tó wà lórí ìwé ilẹ̀ tí wọ́n fihàn mí.]

Ìsàlẹ̀ ìwé: Ẹ̀dà tòótọ́ ni èyí láti inú ìwé àkọsílẹ̀ tó wà ní ìkáwọ́ mi. 11 Oṣù Kẹfà, 2019. [Ìbuwọ́lùwé, òǹtẹ̀ róbótó ti ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀.]
Ìkìlọ̀: Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni láti ṣe ayédèrú ìwé ẹ̀rí tàbí láti yí i padà, àti láti lo ayédèrú tàbí ní in lọ́wọ́. Ìwé ẹ̀rí kì í ṣe ẹ̀rí irú ẹni tí ẹni tó mú un dání jẹ́.

Ìjẹ́rìí olùtumọ̀: Èmi, Folakẹ Ọdẹ́wálé, gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa. Ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ ni mo wò, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀. N kò fi ohunkóhun kún un, n kò sì yọ ohunkóhun kúrò. N kò sí nínú ẹbí yìí, kò sì sí ìpín tèmi nínú ogún náà. 20 Oṣù Karùn-ún, 2024.