Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Òbí: Òfin Tuntun Lórí Fóònù Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Ilé-ìwé,
Ògbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ 12, Oṣù Kejìlá, 2025.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó ìparí ọdún. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ.

Láti ọjọ́ tí a bá wọlé fún sáà kejì, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ mú fóònù lọ́wọ́ tàbí kó fi sínú báàgì nínú ọgbà ilé-ìwé wa mọ́, láti ìgbà tó bá ti wọ géètì títí tí a ó fi jáde. Kò sí kíláàsì tí òfin yìí yọ sílẹ̀, títí kan àwọn àgbà tó ń múra ìdánwò àṣejáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé wa dé ibẹ̀. Nínú sáà tó ń parí lọ yìí, ọmọkùnrin kan yọ̀ ṣubú sínú ẹrẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, ṣòkòtò rẹ̀ sì fàya. Mẹ́ta nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nítòsí. Dípò kí wọ́n na ọwọ́ sí i, fóònù ni wọ́n yọ. Kí aago ìjáde tó lù, fídíò náà ti dé orí Wọ́sáàpù, ìyá ọmọ náà sì ti wò ó nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sábó kí ọmọ tó délé. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ọmọ yìí kò fi wá. Nígbà tí èmi àti igbákejì mi lọ bá a nílé, ó fa ìró ìyá rẹ̀ bo orí, kò sì jẹ́ kí a rí ojú òun. Ọmọ tó máa ń nawọ́ sókè kí olùkọ́ tó béèrè ìbéèrè tán ni o. Èmi kò gbà pé ọmọ burúkú ni àwọn mẹ́ta yẹn. Ọ̀kan nínú wọn wà lára àwọn tí mo máa ń fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Àmọ́ fóònù ló wà lọ́wọ́ wọn, òun náà ni ọwọ́ wọn sì kọ́kọ́ lọ bá.

Ẹ má bínú sí mi, mo ní láti fi èyí kún un: púpọ̀ nínú ìpè tó ń wọlé lásìkò ẹ̀kọ́, ọ̀dọ̀ àwa òbí ló ti ń wá. Fóònù dún nínú kíláàsì Ìṣirò lọ́jọ́ kan, ìyá ló ń béèrè ibi tí ọmọ fi kọ́kọ́rọ́ sí. Mo mọ̀ pé ó ká a lára. Ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì ló dúró, olùkọ́ sì ní láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà látorí. Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ pe igbákejì ọ̀gá, a ó rán ènìyàn sí ọmọ yín lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà náà wà lára káàdì ìsanwó yín.

A mọ̀ pé àwọn kan ń wọ ọ̀kadà wá láti Orí-Ire àti Ìrèsà-Adú, ọkàn òbí wọn kò sì ní balẹ̀ tí wọn kò bá lè pè wọ́n lójú ọ̀nà. Àwọn wọ̀nyí lè mú fóònù kékeré onítẹ̀ wá, kì í ṣe Àńdírọ́ìdì. Kí wọ́n pa á, kí wọ́n fi sínú àpò aṣọ tí a kọ orúkọ wọn sí (aṣọ àjákù ọ̀dọ̀ télọ̀ ti tó), kí wọ́n fi sílẹ̀ ní géètì. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń tì pa ni a ó tọ́jú rẹ̀ sí títí di ìgbà ìjáde.

Fóònù tí a bá rí lọ́wọ́ ọmọ, òbí ni yóò wá gbà á fúnra rẹ̀. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó di ìparí sáà. A kò ní gba owó ìtanràn, kọ́bọ̀ kan báyìí. A kò ní fọ́ fóònù ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ ṣí i wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Yóò kọ ọ́ sínú ìwé, ọmọ á fọwọ́ sí i. Àmọ́ ẹni tó bá ya fídíò ọmọ ẹlòmíì, níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí ni òun àti òbí rẹ̀ yóò ti dúró, kódà bó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ ṣe Wáẹ́ẹ̀kì, ẹ ti mọ̀ pé fóònù lásán tí wọ́n bá bá lára ọmọ nínú gbọ̀ngàn lè jẹ́ kí wọ́n fagi lé gbogbo èsì rẹ̀, ì báà jẹ́ pípa ló wà. Mo fẹ́ kó ti mọ́ wọn lára kó tó dìgbà náà.

Àwọn olùkọ́ náà yóò máa fi tiwọn sílẹ̀ ní yàrá olùkọ́ tí wọ́n bá ń lọ sí kíláàsì. Mo ti bá wọn sọ ọ́, wọ́n sì gbà.

Tí àìlera ọmọ yín bá gba pé kí fóònù wà lára rẹ̀, ẹ wá rí mi kí a tó wọlé. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ sí òfin yìí, ẹ wá sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 10, Oṣù Kínní, 2026, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Kí ẹ tó dé, ẹ kọ orúkọ ọmọ yín, kíláàsì rẹ̀ àti nọ́ńbà méjì tí a lè fi pè yín sí ẹ̀yìn lẹ́tà yìí, ẹ fọwọ́ sí i, kí ọmọ mú un wá lọ́jọ́ ìwọlé.

Èmi ni tiyín tòótọ́,

Ọ̀gá Ilé-ìwé