Ìpè Ìdájí láti Kábà

Àlò? Òkun o. Bàbá Kékeré ni, láti Kábà. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ò tíì mọ́. Níbo lo wà? … O ṣì wà nílé. Ó dáa. Má jáde. Ìyàwó wa ńkọ́? … Jí i. Rárá, kọ́kọ́ jí i ná. Mò ń dúró.

… Ìyàwó wa, òkun o. Jókòó tì í. Gbé fóònù sí sípíkà kí ẹ̀yin méjèèjì lè máa gbọ́ mi.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ọ̀hún wúwo, mi ò sì ní fà á gùn. Màmá ti fi wá sílẹ̀. Màmá kú lóru òní, lórí ibùsùn ara rẹ̀.

… Sunkún. Mi ò lọ síbì kankan.

… Ó dá mi lójú, ọmọ mi. Aago 4 ààbọ̀ ni mo wọlé lọ wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù. Mo pe nọ́ọ̀sì ọ̀ọ́kán ilé wa, òun náà wò ó. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé.

… Rárá o, mi ò gbọ́ kó ké. Ó mu ẹ̀kọ lálẹ́ àná, ó ní kí n bá òun ti fèrèsé, ó tún ń bú mi pé mi ò tì í dáadáa. O ṣáà mọ màmá ẹ.

Ǹ bá ti sọ fún ẹ pé ara rẹ̀ ni ò yá, kó o máa bọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe fún mi nìyẹn nígbà tí bàbá wa lọ. Ìlọrin ni mo ti ń bọ̀. Mo tiẹ̀ dúró lọ́nà ra ọsàn fún un. Bí mo ṣe yọ sí ojúlé wa, àga ni mo rí tí wọ́n tò síta, àpò ọsàn wà lọ́wọ́ mi. Mi ò lè ṣe irú ẹ̀ fún ẹ láéláé. Ẹni tó bá sì ń sáré kó lè bá ìyá rẹ̀ láàyè, ṣé ó máa rójú wo tírélà sìmẹ́ńtì lọ́nà Ọbájànà?

Torí náà, má fúnra ẹ wa mọ́tò láti Àbújá. Wá ẹni tó máa gbé ẹ. Bó bá di ọ̀la, kò burú, a ò ní sin ín láìsí ẹ.

Ìwọ àkọ́bí ni mo kọ́kọ́ pè. Má tíì gbé e sí Wáásáàpù, jọ̀ọ́. Àbúrò ẹ obìnrin ṣì wà nínú oyún. Ọkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ pè, kó lè jẹ́ pé ó dì í mú kó tó sọ fún un.

… Mò ń gbọ́ ẹ. Sunkún, ọmọ mi.

Ìyàwó wa, gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, fún un lómi mu. Màá tún pè ní aago 7.