Ìbéèrè lórí ìforúkọsílẹ̀ NMC mi: Ṣadé, nọ́ọ̀sì láti Jẹ́dà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Bùsọ́lá.

Èmi ni Ṣadé Ọláwuyì tí Fúnmi bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ló ní kí n má wulẹ̀ máa fi gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì dà yín láàmú, kí n kàn kọ ọ́ bó ṣe rí. Mo mọ̀ pé ìlànà UK kò jẹ́ kí ẹ wá ṣa nọ́ọ̀sì kó ní Nàìjíríà, ìdí nìyẹn tí mo fi fọwọ́ ara mi béèrè iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ yín.

Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, mo jáde ní 2015. Mo ṣe ọdún márùn-ún l'Ọ̀ṣogbo kí n tó wá síbí, ICU ni mo wà. Mo ti yege ìdánwò CBT, àti ti ìṣirò àti ti ìtọ́jú, ní oṣù kọkànlá 2024. OET náà ti bọ́ sí i: B nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, C+ nínú kíkọ.

Orúkọ ló há mi lọ́rùn. Adébáyọ̀ ló wà lórí gbogbo ìwé ẹ̀rí mi, Ọláwuyì ló wà lórí páálí ìrìnnà mi, torí 2018 ni mo ṣègbéyàwó. Ṣé ìwé ìgbéyàwó nìkan tó NMC, àbí kí n kọ́kọ́ yí orúkọ padà lọ́dọ̀ àjọ nọ́ọ̀sì Nàìjíríà l'Ábújá kí n tó ní kí wọ́n fi ìwé ìjẹ́rìí mi ránṣẹ́? Bí ìwé bá fi orúkọ kan lọ, tí èmi fi òmíràn béèrè, ẹ̀ẹ̀mejì ni màá sanwó, màá sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù èyí ló ń bà mí jù.

Ṣé wọ́n máa béèrè ìjẹ́rìí lọ́wọ́ àjọ tó fún mi níwèé àṣẹ iṣẹ́ ní Sáúdí náà, àbí ti Nàìjíríà nìkan?

CBT mi yóò pé ọdún méjì ní oṣù kọkànlá yìí. Ṣé ọjọ́ tí mo bá fi ìwé sílẹ̀ ni wọ́n ń wò, àbí ọjọ́ tí mo bá ṣe OSCE? Agbẹ̀bí tó forúkọ sílẹ̀ ni mí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìdánwò tìyẹn dá yàtọ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá wọlé. Bí mo bá kọ ti agbẹ̀bí sínú fọ́ọ̀mù, ṣé kò ní fa ìdádúró?

Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? Fúnmi ní ẹ̀yin lẹ san £794 ti OSCE òun. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí báyìí? Bí èèyàn bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ńkọ́, ta ló ń san ti ẹlẹ́ẹ̀kejì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ fún mi ìpele owó oṣù tí wọ́n máa fi mí sí kí PIN tó jáde, àti iye ọdún tí mo gbọ́dọ̀ lò lọ́dọ̀ yín kí ẹ má baà gba owó yín padà. Ọkọ mi ló ní kí n béèrè ìyẹn dáadáa.

Alẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́ títí di Ọjọ́bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pè, mo máa ń jí ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago tibí.

Ẹ ṣeun púpọ̀ o, Àǹtí.

Ṣadé Ọláwuyì (Adébáyọ̀ tẹ́lẹ̀)