Èédú Abẹ́ Òkúta

Lọ́dún 1996, nígbà tí wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀, wọ́n rán mi lọ tún òkúta ààlà gbé dúró láàárín abúlé méjì. Ó ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nídìí pèrègún, ikán ti mọlé bò ó dé ìdajì.

Mo gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, mo wọn ilẹ̀. Ìwé ààlà sọ pé àárín oko kòkó ìyá arúgbó kan ló yẹ kó wà, ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá síbẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ìjọba tuntun ló fẹ́ jogún kòkó ọkọ mi?"

"Rárá o, mà. Ààlà ìjọba ni, kì í ṣe ààlà oko."

"Bí wọ́n ṣe wí nígbà yẹn náà nìyẹn."

Mi ò lè fèsì. Mo gbẹ́ ìdí pèrègún. Ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, èédú yọ, lẹ́yìn náà àfọ́kù ìgò. Àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ àtijọ́ máa ń sin wọ́n sábẹ́ òkúta, torí èédú kì í jẹrà. Òkúta ò kúrò níbi tó wà. Ìwé ló ṣìnà.

Mo po sìmẹ́ńtì. Ìyá bá mi di òkúta mú títí ó fi dúró ṣánṣán.