Ẹ kú àìsùn, ẹ̀yin ará òru wọ́ọ̀dù wa

Sí gbogbo nọ́ọ̀sì àti pọ́tà tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Wọ́ọ̀dù Iṣẹ́ Abẹ Àwọn Obìnrin, Ìlọrin.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìdúró, ẹ kú làálàá. Màá ka lẹ́tà yìí sí yín létí láàárọ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó fa iṣẹ́ lé àwọn ará àárọ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ẹ̀gbẹ́ tábìlì nọ́ọ̀sì, kí àwọn tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lónìí lè rí i kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àga jókòó kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa ọ̀gá fẹ́ràn láti máa sọ, tí mi ò ní sọ. A máa ń ní, "Àwọn ará òru wa yìí, kì í rẹ̀ wọ́n." Irọ́ ni. Ó ń rẹ̀ yín. Mo rí i lójú yín, mo rí i lẹ́sẹ̀ tó wú tẹ́ ẹ bọ́ bàtà kúrò lára rẹ̀ ní aago 6. Ẹni tó bá ní kò rẹ̀ yín ti mú ìdajì iyì yín kúrò. Bí ẹni tó sùn, tó jẹun, tó wẹ̀, bá ṣe ohun tẹ́ ẹ ṣe lóru Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, a ó yìn ín. Ẹ̀yin ṣe é ní òru kẹta tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ léraléra.

Ìwé ìròyìn òru ọjọ́ náà wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ní aago 9 alẹ́, lẹ́tà inú rẹ̀ dúró ṣánṣán bíi ti ọmọ iléèwé tí tíṣà dúró tì. Nígbà tó máa fi di aago 4, àwọn ìlà ti ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn aago 4 dáadáa, bírò fa ìlà gígùn kan wálẹ̀ títí tó fi jáde nínú ìwé. Oorun ló gbé ọwọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà nípa aláìsàn ibùsùn 11: ìlù ọkàn, 96, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, 110/70, ìtọ̀, iye rẹ̀, dírípù, iye tó kù. Láti aago 2 ààbọ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú 15, ìṣẹ́jú 15. Mo fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, mò ń wá àlàfo. Mi ò rí ẹyọ kan.

Aláìsàn 28 ló wà ní wọ́ọ̀dù lóru ọjọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì 3, pọ́tà 2. Ìyá tó wà ní ibùsùn 11 ṣẹ̀ṣẹ̀ ti tíátà dé ní ọ̀sán ni. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní aago 2, ìfúnpá rẹ̀ dára, báńdéèjì ikùn rẹ̀ gbẹ. Ó kàn ń bèèrè omi ṣáá ni, ó sì ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, ó ní ibùsùn ò rọ òun lọ́rùn. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á ní ìrora ni, á fún un lábẹ́rẹ́ ìrora, á sì kọjá lọ. Nọ́ọ̀sì wa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ó tutù, ó sì ń làágùn. Ó wá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ka ìlù ọkàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Kò ka ààbọ̀ ìṣẹ́jú kó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ó jẹ́ 118. Ní aago 10 alẹ́, 84 ni.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dínkù lára èèyàn, ara á kọ́kọ́ fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ kí ìfúnpá má baà já. Ọkàn á máa sáré kí ẹ̀rọ ìfúnpá tó sọ ohunkóhun, tó bá sì máa fi sọ̀rọ̀, ó lè ti pẹ́ jù. Nọ́ọ̀sì wa ò dúró de ẹ̀rọ. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ ìbàdí ìyá náà, ó fa ọwọ́ yọ, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ibi tó rẹlẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ. Iwájú lè gbẹ kí ẹ̀yìn ti rin gbingbin. Wọ́n kọ́ wa ní iléèwé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ta ló máa ń rántí ẹ̀ ní aago 2 ààbọ̀ òru?

Àsìkò yẹn gan-an ni iná lọ, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e, òkùnkùn ṣú biribiri. Pọ́tà kan di tọ́ọ̀ṣì mú sí apá ìyá náà, kò mì, títí nọ́ọ̀sì kejì fi rí iṣan tó ti fẹ́ pa dé, tó sì ki kánúlà kejì bọ̀ ọ́. Sílíńdà ọ́síjìn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí ẹnikẹ́ni tó pariwo pé kí wọ́n gbé e wá. Ìdí ni pé láti aago 9 alẹ́, nígbà tí àgbà pọ́tà wa gorí iṣẹ́, ló ti ṣí i wò, tó rí i pé ó kún, tó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ ò mọ iye òru tí mo ti rí tí sílíńdà wà ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kẹta. Orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìtàn ibùsùn 11 rárá, kò sì ní sí ẹni tó máa ròyìn rẹ̀. Òun nìkan ló bójú tó aláìsàn 27 tó kù fún bíi wákàtí méjì. Ó yí ìyá arúgbó ibùsùn 6 sí ẹ̀gbẹ́ kejì lásìkò, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bó. Ó fún àwọn tó yẹ kó gbabẹ́rẹ́ lábẹ́rẹ́. Ó ń wí fún àwọn tí ẹ̀rù bà nínú òkùnkùn pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mo wà níbí." Aláìsàn méjì ló sọ fún mi láàárọ̀ pé ohùn yẹn làwọn gbọ́ táwọn fi sùn.

Àgbà pọ́tà wa sáré lọ gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gbé àpò ẹ̀jẹ̀ fún un, orúkọ tó wà lára rẹ̀ sì bá orúkọ ìyá náà mu, orúkọ bàbá náà bá a mu. Ìlọrin la wà. Ẹ̀yin náà mọ iye obìnrin tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ládùúgbò kan ṣoṣo. Ó fi ìka ka nọ́ńbà fáìlì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ti orí fọ́ọ̀mù parí sí 47, ti ara àpò parí sí 74. Kò gbé e. Ó fi han ẹni tó gbé e fún un, wọ́n jọ wá èyí tó jẹ́ ti ìyá náà, ó sì gbé e dé wọ́ọ̀dù láì yà síbì kan, òjò sì ń pa á. Ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni lè pa èèyàn kí ìdajì àpò tó wọ ara. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tó jẹ́ kó rí i, ó ní: "Mátírọ́ọ̀nù, ojú mi ti wúwo. Mo mọ̀ pé mo lè ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe kà á lẹ́ẹ̀mejì."

Mi ò tíì gbọ́ ohun tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé ó ti rẹ òun, tó sì mọ ohun tí àárẹ̀ lè fi ojú òun ṣe, tó wá fi ìka dí i, ìmọ̀ iṣẹ́ gan-an nìyẹn. Ìdí kan náà ni nọ́ọ̀sì wa fi ka ìlù ọkàn fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

Kí n sọ tèmi. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan, mo ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ ní bíi aago 4 ìdájí, mo sì ń lọ sí ibùsùn tí kì í ṣe ti oní-oògùn. Pọ́tà kan ló rọra pè mí: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ibùsùn kejì ni, kì í ṣe èyí." Mo sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá mi pé ó ti rẹ̀ mí, ó ní ṣé owó mi kọ́ ni mò ń gbà ni. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ pọ́tà yẹn, èmi gan-an ò dúpẹ́ tó. Gbèsè ọpẹ́ yẹn ṣì wà lọ́rùn mi, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni mò ń san lónìí.

Òru Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yẹn kan náà ni ìyá àgbà ibùsùn 3 dákẹ́, nígbà tí wọ́n ń pe ìrun àsùbáà lọ́wọ́. Pọ́tà wa kékeré ló gbé wọn. Mo ti dé nígbà yẹn, mo wà lẹ́nu ọ̀nà, kò rí mi. Kó tó fọwọ́ kàn wọ́n, ó tẹrí ba, ó ní, "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, a fẹ́ gbé yín." Ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀ wọn tó yọ síta, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn kí àwọn aláìsàn yòókù má baà rí wọn. Wọ́n ní òru ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n.

Wọ́n tún ní yinni yinni, kẹ́ni ó lè ṣe mìíràn. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò yìn yín kẹ́ ẹ lè fi kún un. Ohun tẹ́ ẹ ṣe ti tó, èmi ló kù kí n ṣe tèmi. Láti róstà oṣù tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣe ju òru 3 lọ léraléra, ọjọ́ 2 ìsinmi á sì tẹ̀ lé e. Mi ò ní pe ará òru sí ìpàdé ọ̀sán mọ́. Tọ́ọ̀ṣì tuntun 2 àti bátìrì wọn ti wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì nọ́ọ̀sì. Àwọn pọ́tà ti ní àga tó ní ẹ̀yìn, kí wọ́n yéé jókòó sórí strẹ́ṣà. Ní ti nọ́ọ̀sì kẹrin, mo ti kọ̀wé sókè. Ọwọ́ mi kọ́ ló wà, mi ò sì ní tàn yín jẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní yéé kọ ọ́. Ìwé ìyìn ti wọ fáìlì ẹ̀yin márààrún, ti pọ́tà gùn bíi ti nọ́ọ̀sì.

Àkàrà àti ẹ̀kọ gbígbóná wà ní yàrá wa, wàrà náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹni tó ń lọ sí Ganmo, kó dúró de ẹni tí wọ́n jọ ń gba ọ̀nà yẹn, kó má dá wọ máruwá pẹ̀lú oorun lójú. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ sùn. Fóònù yín lè wà ní títàn. Mi ò ní pè.

Èmi ni,
Mátírọ́ọ̀nù yín.